Wákàtí Kan Tó Sá Pamọ́ Sínú Àtẹ Bọ́ọ̀sì

Ẹni tó fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì láti Kútọnu lọ sí Lómé lè ya fọ́tò àtẹ àkókò tó wà lára ògiri gáréèjì, kó gbé e lọ sílé, kó wá jókòó ṣírò iye wákàtí tí yóò lò lójú ọ̀nà. Ohun tí púpọ̀ nínú wa máa ń ṣe ni pé ká mú aago tí ọkọ̀ gúnlẹ̀, ká yọ aago tó gbéra kúrò nínú rẹ̀. Lójú ọ̀nà yìí, ìṣirò bẹ́ẹ̀ máa ń dín ní wákàtí kan gbáko, àwọn ará ilé tó ń retí ìpè wa ni àyà wọn á sì máa já.

Ẹ jẹ́ kí n to àtẹ kan kalẹ̀. Ọ̀nà náà wà lóòótọ́, èmi ni mo kàn fi aago sí i kí àlàyé lè yé wa. Bọ́ọ̀sì gbéra ní Kútọnu ní 07h00. Ó dé Wídà ní 08h00, ó sì kúrò níbẹ̀ ní 08h10. Ó dé Hílákọ́njì tó wà ní bodè Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò ní 09h30, wọ́n sì kọ ọ́ pé 09h30 náà ló kúrò níbẹ̀. Ó wọ Lómé ní 10h40. Nínú òpó kìlómítà, ohun tí wọ́n kọ ni 0, 40, 95, 150.

Fọ́tò kì í fi gbogbo ìgbà mọ́ kedere. Bí wọ́n bá fi ọwọ́ kọ àtẹ náà bí àwọn elédè Faransé ṣe máa ń kọ̀wé, 1 wọn máa ń ní ìrù gígùn lókè, ó sì lè jọ 7 lójú wa. Bí ẹ bá rí 08h70, ẹ mọ̀ pé 08h10 ni, nítorí ìṣẹ́jú kì í kọjá 59. Èyí tó ṣòro ni ibi tí àṣìṣe náà ṣì jọ aago gidi, bíi kí 10h40 dà bí 10h10. Kìlómítà ló máa ń bá wa yanjú ìyẹn, a ó sì padà sí i.

Ẹ má ṣe ro 40, 95 àti 150 pọ̀. Láti Kútọnu ni wọ́n ti ń ka gbogbo wọn, ohun tó sì fi hàn bẹ́ẹ̀ ni pé nọ́ńbà náà ń ga sí i ní ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan, tí èyí tó kẹ́yìn sì jẹ́ nǹkan bí 150, èyí tí í ṣe jíjìn Kútọnu sí Lómé. Nítorí náà, Kútọnu sí Wídà jẹ́ 40, Wídà sí bodè jẹ́ 55, bodè sí Lómé náà jẹ́ 55.

Ó wá ku bodè. Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà ń lo aago kan náà, èyí tó fi wákàtí kan ṣáájú aago Gíríníìṣì. Aago Gíríníìṣì gan-an ni Tógò àti Gánà ń lò. Aago Bẹ̀nẹ̀ ni 09h30 àkọ́kọ́, aago Tógò ni èkejì. Nígbà tí ọkọ̀ ń kúrò ní bodè, aago Kútọnu ti lu 10h30. Ẹni tó wo àtẹ náà á rò pé ọkọ̀ ò dúró rárá, bẹ́ẹ̀ wákàtí kan ni àwọn èrò fi to lọ́wọ̀ọ́wọ́ fún òǹtẹ̀ ìwé ìrìnnà.

Ẹ wá jẹ́ ká rò ó pọ̀. Dé Wídà, 60 ìṣẹ́jú; ìdúró níbẹ̀, 10; dé bodè, 80; ìdúró ní bodè, 60; dé Lómé, 70. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 280 ìṣẹ́jú, ìyẹn wákàtí 4 àti 40 ìṣẹ́jú. Ẹni tó kàn yọ 07h00 kúrò nínú 10h40 yóò rí wákàtí 3 àti 40 ìṣẹ́jú. Nígbà àbọ̀, ìdàkejì ló máa ń ṣẹlẹ̀: bí ọkọ̀ bá kúrò ní Lómé ní 14h00 tó sì lo àkókò kan náà, aago Kútọnu yóò ti di 19h40, ìrìn náà á sì jọ wákàtí 5 àti 40 ìṣẹ́jú.

Ní ti 10h40 tó fara jọ 10h10, ẹ wo bí ọkọ̀ ṣe ń sáré. Dé Wídà, ó rin 40 kìlómítà ní wákàtí kan; láti ibẹ̀ dé bodè, ó rin bí 41 ní wákàtí kan. Bó bá jẹ́ 10h10 ló wọ Lómé, á jẹ́ pé ó fi 40 ìṣẹ́jú rin 55 kìlómítà, eré tó ju 80 lọ ní wákàtí kan, lójú ọ̀nà tó ń wọ ìlú ńlá. Kò bá ìyókù mu. 10h40 fún un ní bí 47, ìyẹn sì ṣeé gbà gbọ́.

Nínú 280 ìṣẹ́jú yìí, 60 ti bodè ni mo gbẹ́kẹ̀ lé kéré jù, nítorí kò sí awakọ̀ tó lè pàṣẹ fún ìlà èrò níbẹ̀. Ṣe ni mo máa ń ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bí bodè bá gba wákàtí 2, ìrìn náà di wákàtí 5 àti 40 ìṣẹ́jú, ọkọ̀ á wọ Lómé ní 11h40, ìyẹn 12h40 fún àwọn tó ń dúró de ìpè ní Kútọnu tàbí ní Èkó.