Lẹ́tà Akáńtáǹtì Tó Ń Lọ

Akáńtáǹtì tó bá rí iṣẹ́ tó sàn jù sábà máa ń kọ lẹ́tà gígùn, torí ẹ̀rù ń bà á kí ọ̀gá má bínú. Á ṣàlàyé owó tí wọ́n fi lọ̀ ọ́, á tún ka ìyà tó ti jẹ. Kò pọn dandan. Ohun tó ń ká ọ̀gá lára ni pé ta ni yóò san owó oṣù, ta ni yóò máa dá báńkì lóhùn.

Ká mú obìnrin kan tó ti lo ọdún mẹ́rin nílé ìtẹ̀wé kan n'Íbàdàn. Àdéhùn tó buwọ́ lù ní kó fún wọn ní nóótíìsì oṣù kan. Ìgbà tí ìwé ìgbanisíṣẹ́ ibi tuntun ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ló tó kọ èyí, ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án:

“Ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́. Mo fẹ́ fi iṣẹ́ akáńtáǹtì sílẹ̀. Ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ni n ó ṣe mọ. Mo ti ríṣẹ́ síbòmíràn tí yóò gbé mi sókè sí i. Ọdún tí mo dé, ẹ fi owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ lé mi lọ́wọ́ nígbà tí n kò tíì mọ púpọ̀. Ẹ ṣeun gan-an. Kí n tó lọ, n ó parí ìwé oṣù kẹsàn-án, n ó sì jókòó ti ẹni tí ẹ bá yàn títí iṣẹ́ yóò fi yé e.”

Ó tán. Ìdúpẹ́ yẹn wọra nítorí ohun tí ọ̀gá ṣe gan-an ló dárúkọ. Kò sọ iye owó ibi tó ń lọ, kò sì fi ibi tó ń kúrò wé e.

Ọjọ́ tó mú náà ní ìdí. Owó orí òṣìṣẹ́ ti oṣù kẹsàn-án gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ kó tó kọjá ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá, owó orí ọjà kó tó kọjá ọjọ́ 21. Ó ṣì wà níbẹ̀ láti san méjèèjì. Ti oṣù kẹwàá, ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá ni yóò pé, lẹ́yìn tó bá ti lọ. Ibi tí ìtanràn ti sábà máa ń wọlé nìyẹn. Inú ìwé ìfiṣẹ́lélẹ̀ ló yẹ kó kọ ọ́ sí, pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀ àti iye rẹ̀, kì í ṣe inú lẹ́tà.

Ọwọ́ ara rẹ̀ ni kó fi mú lẹ́tà lọ, kí wọ́n buwọ́ lu ẹ̀dà kan fún un pẹ̀lú ọjọ́, torí ọjọ́ tí wọ́n gbà á ni nóótíìsì bẹ̀rẹ̀. Tó bá wà lára àwọn tó ń buwọ́ lu sọ̀wédowó, kí ó rán ọ̀gá létí láti kọ̀wé sí báńkì kí wọ́n yọ orúkọ rẹ̀. Báńkì kì í yọ ọ́ fúnra wọn.