Àkàbà Tó Ń Yọ̀ Lára Ògiri

Àkàbà kan tó gùn ní mítà 5 fẹ̀yìn ti ògiri. Ẹnì kan di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó sì ń fà á kúrò nídìí ògiri lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Kò sáré sí i, kò dẹwọ́: ìdajì mítà ni ẹsẹ̀ àkàbà náà ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ẹsẹ̀ yìí bá wà ní mítà 3 sí ògiri, báwo ni orí àkàbà ṣe ń yára sọ̀ kalẹ̀ tó?

Ẹni tó bá ti jókòó sí kíláàsì Fọ́dà Máàsì rí á mọ ìbéèrè yìí, nítorí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ìwé kálíkúlọ́ọ̀sì tí kò sí nínú rẹ̀. Ẹni tí kò kọ́ ọ rí yóò yára dáhùn pé ìdajì mítà náà ni, ṣebí àkàbà kan náà ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́ ọ náà ní ibi tó ti máa ń ṣubú, ìdáhùn tirẹ̀ sì burú ju ti ẹni àkọ́kọ́ lọ: yóò ṣírò títí, yóò ní orí àkàbà kò kúrò lójú kan rárá.

Ohun tó ń fa èyí ni pé nọ́ńbà mẹ́ta ló wà nínú ìbéèrè náà, wọn kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. Mítà 5 jẹ́ ti àkàbà fúnra rẹ̀. Kò ní yí padà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìdajì mítà jẹ́ ti ẹni tó ń fa àkàbà. Mítà 3 ní tirẹ̀ kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Ibì kan tí ẹsẹ̀ àkàbà kàn ń gbà kọjá ni. Bí fọ́tò tí wọ́n yà nígbà tí bọ́ọ̀sì ń sáré lọ ló rí: ó sọ ibi tí bọ́ọ̀sì wà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè fi fọ́tò kan ṣoṣo mọ bó ṣe ń sáré tó.

Nítorí náà, létà la máa fi dípò ohun tó bá ń yí. Ẹ jẹ́ kí x jẹ́ bí ẹsẹ̀ àkàbà ṣe jìnnà sí ògiri, kí y sì jẹ́ bí orí rẹ̀ ṣe ga kúrò nílẹ̀. Ògiri dúró ṣánṣán, ilẹ̀ tẹ́jú, àkàbà dábùú wọn, ó sì di onígun mẹ́ta tí Pitagọ́rásì sọ̀rọ̀ rẹ̀:

x² + y² = 25

Ìdọ́gba yìí ni gbogbo iṣẹ́ wà nínú rẹ̀. Agbára rẹ̀ ni pé òótọ́ ni ní gbogbo ìgbà tí àkàbà ń yọ̀ lọ, kì í ṣe nígbà tí x bá jẹ́ 3 nìkan. Bí x bá ṣe ń pọ̀, y gbọ́dọ̀ máa dín kù kí àpapọ̀ x² àti y² má baà kúrò lórí 25. A fi 5 síbẹ̀ láìbẹ̀rù nítorí pé kò ní yí. Ká ní àkàbà onípele méjì tó ń fà gùn ni, tí ẹnì kan sì ń fà á gùn bó ṣe ń yọ̀, létà ni 5 náà ì bá jẹ́.

Ìgbà yìí la tó lè béèrè nípa ìyára. Ẹ wò ó báyìí: bí 3 bá di 3.01, ìlọ́po rẹ̀ nígbà ara rẹ̀ yóò kúrò ní 9, yóò di 9.0601. Èyí tó fi lé jẹ́ 0.0601, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 2 × 3 × 0.01 gan-an, ìyókù kéré débi pé bí ìgbésẹ̀ bá ṣe ń kéré sí i ló ń di ohun tí a kò kà sí. Bí x² ṣe ń yára pọ̀ nìyẹn: ìlọ́po méjì x, lọ́nà ìyára x fúnra rẹ̀, èyí tí àwọn oníṣirò ń kọ ní dx/dt. Bákan náà ló rí fún y². Ní ti 25, kò lọ síbì kankan, òdo ni ìyára rẹ̀:

2x(dx/dt) + 2y(dy/dt) = 0

Ẹ jẹ́ ká wá mú fọ́tò wa jáde. Nígbà tí x bá jẹ́ 3, y jẹ́ 4, nítorí 9 àti 16 ló pé 25. Ìyára ẹsẹ̀ jẹ́ 0.5. Apá kìíní di 2 × 3 × 0.5, èyí tó jẹ́ 3. Apá kejì di 8 lọ́nà dy/dt. Dy/dt wá jẹ́ −0.375. Àmì òdì yẹn ń sọ pé y ń dín kù, ìyẹn ni pé orí àkàbà ń sọ̀ kalẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 37.5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí àmì yẹn bá sọnù nínú iṣẹ́ ẹnì kan, àkàbà rẹ̀ ń gun ògiri lọ nìyẹn.

Ẹni tó bá kánjú fi 3 sípò x kí ó tó wá ìyára ńkọ́? Ìdọ́gba rẹ̀ di 9 + y² = 25. Kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀ lójú. Ṣùgbọ́n 9 ti di ohun tó dúró gbagidi bíi ti 25. Bí ó bá wá ìyára báyìí, 2y(dy/dt) = 0 ni yóò rí. Ó ti kan ẹsẹ̀ àkàbà mọ́lẹ̀ ní ìṣó kí ó tó béèrè bí orí rẹ̀ ṣe ń sáré. Ó sì rọrùn láti mọ̀ pé irọ́ ni: bí ẹsẹ̀ bá ń lọ tí orí kò kúrò lójú kan, àfi kí àkàbà máa gùn sí i.

Ẹni tí kò fọkàn tán dx/dt lè fi ẹ̀rọ ìṣirò lásán yẹ̀ ẹ́ wò. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ wà ní 3, yóò ti dé 3.05. Wá y: bíi 3.962 ni. Orí ti sọ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 3.8, nígbà tí ìdáhùn wa ń retí 3.75. Ìyàtọ̀ díẹ̀ yẹn kì í ṣe àṣìṣe, orí àkàbà ló ń yára sí i bó ṣe ń lọ.

Ó sì ń yára lóòótọ́. Ìdọ́gba wa sọ pé ìyára orí jẹ́ 0.5 lọ́nà x tí a fi y pín. Nígbà tí ẹsẹ̀ bá dé mítà 4, ó ti di 0.67. Ní 4.9, ó sún mọ́ mítà 2.5 ní ìṣẹ́jú àáyá; ní 4.99, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 7.9. Bí y bá sì di òdo, ìyára náà kò ní òpin mọ́. Kò sí àkàbà tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí a gbà láìsọ ni pé orí àkàbà kò fi ògiri sílẹ̀, àwọn tó ń kọ ìbéèrè yìí sínú ìwé kì í sì í fẹ́ sọ ọ́. Àkàbà gidi a máa fi ògiri sílẹ̀ kó tó kan ilẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni kò bá fà á, tí ilẹ̀ àti ògiri ń yọ̀ dan, tí àkàbà sì wúwo bákan náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè, àwọn onífísíìsì ti ṣírò rẹ̀ pé orí rẹ̀ yóò já kúrò lára ògiri nígbà tó bá ti pàdánù ìdá kan nínú mẹ́ta gíga tó ti bẹ̀rẹ̀. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní mítà 4.5 yóò já ní mítà 3. Láti ibẹ̀ lọ, x² + y² = 25 kò jẹ́ òótọ́ mọ́ fún ibi tí ẹsẹ̀ àkàbà wà sí ògiri, ìdọ́gba mìíràn tó ka ìwúwo àti òòfà ilẹ̀ mọ́ ọn la gbọ́dọ̀ kọ.