Eré Àlọ, Eré Àbọ̀: Ìdí Tí 30 àti 60 Kì í Fi í Jẹ́ 45

Láti Èkó dé Ìbàdàn, ẹ jẹ́ ká fi í sí 120 kìlómítà kí ìṣirò wa lè rọrùn. Awakọ̀ kan gbéra ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, àsìkò tí gbogbo ayé ń jáde kúrò l'Ékòó. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ mú un ní Ìbàfo, ó tún mú un ní Mówé. Nígbà tó fi máa wọ Ìbàdàn, 30 kìlómítà péré ló ń rìn ní wákàtí kan, bí a bá pa gbogbo àlọ náà pọ̀. Ní ìdájí ọjọ́ kejì ó ṣẹ́rí padà. Ọ̀nà dá, kò sí ìdíwọ́, 60 kìlómítà ló sì ń sá ní wákàtí kan títí tó fi délé. Bí a bá pa àlọ àti àbọ̀ pọ̀, eré mélòó ni ọkọ̀ yìí sá ní ìpíndọ́gba?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò ro 30 mọ́ 60, kó di 90, tí wọ́n á wá dá a sí méjì, tí wọ́n á ní 45 ni. Ó dà bíi pé kò sí ohun tó lè rọrùn ju ìyẹn lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe 45. 40 ni.

Kí á tó mọ̀ bó ṣe jẹ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi ẹnu kò lórí ohun tí à ń wá. Eré ìpíndọ́gba ni gbogbo ọ̀nà tí ọkọ̀ rìn, tí a pín sí iye wákàtí tó fi wà lórí ìrìn. Ọ̀nà tí awakọ̀ yìí rìn jẹ́ 120 ní àlọ àti 120 ní àbọ̀, àpapọ̀ rẹ̀ 240 kìlómítà. Àlọ gba wákàtí 4, nítorí pé 30 lọ́nà mẹ́rin ló di 120. Àbọ̀ gba wákàtí 2. Wákàtí 6 ni gbogbo rẹ̀. Ẹ pín 240 sí 6, ẹ óò rí 40.

Ẹni tí kò bá tíì gbà lè dán 45 náà wò. Bó bá jẹ́ pé lóòótọ́ ni ọkọ̀ sá 45 ní ìpíndọ́gba, wákàtí 5 àti ìṣẹ́jú 20 ni ì bá fi parí 240 kìlómítà. Ṣùgbọ́n wákàtí 6 gbáko ló lò. Ogójì ìṣẹ́jú ti sọnù sínú ìṣirò náà, kò sì sí ibi tí a lè fi í sí.

Níbo wá ni àṣìṣe náà wà? Ẹ bá mi tò ó ní wákàtí-wákàtí, bí ẹni tó jókòó ti awakọ̀ tó ń wo aago. Wákàtí kìíní, 30. Ìkejì, 30. Ìkẹta, 30. Ìkẹrin, 30, a ti dé Ìbàdàn. Ní àbọ̀, wákàtí kìíní, 60. Ìkejì, 60, a ti délé. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, 240 ni, ẹ sì pín in sí wákàtí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Nínú wákàtí mẹ́fà wọ̀nyí, 30 fara hàn lẹ́ẹ̀mẹrin, 60 fara hàn lẹ́ẹ̀mejì péré. Ẹni tó ní 45 ti fún àwọn méjèèjì ní ìpín kan náà, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀kan gba àkókò tó jẹ́ ìlọ́po méjì ti èkejì. Ọ̀nà àlọ àti àbọ̀ dọ́gba, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àkókò ni a fi ń wọn eré, àkókò kò sì dọ́gba. Bí ọkọ̀ bá ṣe ń falẹ̀ tó ni yóò ṣe pẹ́ tó lórí ìrìn, ìdí nìyẹn tí eré kékeré fi máa ń fa ìpíndọ́gba wálẹ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé àkókò ló dọ́gba ńkọ́? Ká ní ọkọ̀ sá 30 fún wákàtí 3, tó sì sá 60 fún wákàtí 3 mìíràn. Ó ti rìn 90 àti 180, àpapọ̀ 270. Ẹ pín in sí 6, 45 dé. Nítorí náà, kì í ṣe pé ká rò ó pọ̀ ká dá a sí méjì burú. Ibi tí wákàtí bá ti dọ́gba ni ipò rẹ̀ wà. Níbi tí ọ̀nà ti dọ́gba ṣùgbọ́n tí eré yàtọ̀, bíi ti àlọ àti àbọ̀, kò bá a mu.

Fún àlọ àti àbọ̀, ìlànà kúkúrú kan wà tí kò bìkítà bóyá ọ̀nà gùn tàbí ó kúrú. Bí eré àlọ bá jẹ́ a, tí ti àbọ̀ jẹ́ b, ìpíndọ́gba ni 2ab ÷ (a + b). Ní ti awakọ̀ wa, 30 lọ́nà 60 jẹ́ 1,800. Ìlọ́po méjì rẹ̀ jẹ́ 3,600. Ẹ pín in sí 90, 40 náà ni. Wákàtí tí ọkọ̀ fi wà lórí ìrìn nìkan la kà o. Oorun tí awakọ̀ sùn ní Ìbàdàn kò sí nínú rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń ya ènìyàn lẹ́nu jù ni ìgbà tí a bá fẹ́ fi àbọ̀ gba ohun tí àlọ jẹ padà. Ká ní awakọ̀ wa ń lépa ìpíndọ́gba 60. Fún 240 kìlómítà, wákàtí 4 nìyẹn. Ṣùgbọ́n àlọ nìkan ti gba wákàtí 4 náà tán! Kódà bó bá sá 90 ní àbọ̀, 45 ni ìpíndọ́gba rẹ̀. Bó bá sá 120, tó ti kọjá 100 tí òfin ìrìnnà ilẹ̀ wa gbà fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní òpópónà márosẹ̀, 48 ni. Kò sí eré tó lè sá tí yóò gbé e dé 60.

Onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, Max Wertheimer, fi irú ìbéèrè yìí ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, Albert Einstein. Ọkọ̀ ògbólógbòó kan gun òkè fún máìlì kan, kò sì lè sá ju 15 máìlì ní wákàtí kan lọ. Eré mélòó ni yóò sá ní máìlì kan tó fẹ́ fi sọ̀kalẹ̀, kí ìpíndọ́gba lè jẹ́ 30? Einstein fèsì pé ìgbà tí òun ṣe ìṣirò rẹ̀ lòun tó rí i pé kò sí àkókò kankan tó ṣẹ́kù fún sísọ̀kalẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún ẹni tó ń wakọ̀ ni pé apá tó falẹ̀ ni kí ó tún ṣe. Bí awakọ̀ wa bá lè gbé 30 ti àlọ dé 40, bóyá nípa títètè gbéra kí ọ̀nà tó dí, àlọ yóò di wákàtí 3, odidi wákàtí kan ló jèrè. Bó bá jẹ́ àbọ̀ ló fi kún, tó gbé 60 dé 80, ìdajì wákàtí péré ni. Eré 20 tó fi kún níbi tó ti ń yára kò ju ìdajì èrè eré 10 lásán sí i níbi tó ti ń falẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ eré àsápajúdé ló sì ń pa ènìyàn.