Nígbà Tí Orúkọ BVN àti NIN Kò Bá Ara Mu

Ká ní obìnrin kan ṣí àkáǹtì kí ó tó lọ́kọ: orúkọ bàbá rẹ̀ ló wà lórí BVN. Lẹ́yìn ìgbéyàwó, ó fi orúkọ ọkọ gba NIN. Báńkì fẹ́ so méjèèjì pọ̀, orúkọ kò bára mu, iṣẹ́ dúró.

Bí orúkọ ọkọ ni yóò máa jẹ́ lọ, NIN rẹ̀ ti tọ́. BVN ló kù. Yóò mú ìwé NIN, ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó àti ìwé ìbúra ilé ẹjọ́ lọ sí báńkì. Àwọn báńkì kan tún ń béèrè ìkéde ìyípadà orúkọ nínú ìwé ìròyìn.

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: àtúnṣe àkáǹtì nìkan kò kan BVN. Kí ó béèrè fún méjèèjì.