Àròpọ̀ Tọ̀nà, Ìnáwó Kò Tọ̀nà

Bí ẹbí bá fẹ́ ṣe ìnáwó, wọ́n á kó owó lé ẹnì kan lọ́wọ́ pé kó lọ ra ọjà wá ní Bódìjà. Tó bá dé, àwọn àgbà á ní kó ṣírò owó náà fún àwọn. Kò sẹ́ni tó máa bi í ní ríṣíìtì, torí ìyá tó ń ta tàtàṣé kì í kọ ríṣíìtì fún ẹnikẹ́ni. Ọjà fúnra rẹ̀ ni wọ́n máa wò: àpò ìrẹsì mélòó ló wọlé, ṣé kéègì òróró kún àbí kò kún. Ìyàwó ilé kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọjà dé lánàá á sì sọ pé tòmátì kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀ yẹn. Ẹjọ́ tán.

Irú ẹjọ́ yìí kì í tán bẹ́ẹ̀ ní ọ́fíìsì. Òṣìṣẹ́ tí iléeṣẹ́ rán nírìnàjò kò ní ọjà kankan tó máa gbé kalẹ̀. Ó ti sun òtẹ́ẹ̀lì, takisí ti gbé e dé ibi tó ń lọ, oúnjẹ sì ti wọ ikùn. Ìwé nìkan ló ṣẹ́ kù. Iṣẹ́ ọ́dítọ̀ ni kó fi àwọn ìwé náà tún ìrìnàjò yẹn rìn lórí tábìlì, kó sì wò ó bóyá ó ṣeé rìn gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú òṣìṣẹ́ kan ṣe àpẹẹrẹ. Iléeṣẹ́ rẹ̀ rán an láti Ìbàdàn lọ sí Àbújá fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ó gbéra láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó padà sílé lọ́jọ́ Ẹtì. Nínú fọ́ọ̀mù tó kọ nígbà tó dé, owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ jẹ́ ₦50,000, òtẹ́ẹ̀lì jẹ́ ₦180,600, takisí láàárín ìlú jẹ́ ₦18,500, oúnjẹ alẹ́ kan jẹ́ ₦8,600, àjẹmọ́nú ọjọ́ márùn-ún, ní ₦15,000 lójúmọ́, sì jẹ́ ₦75,000. Gbogbo rẹ̀ wá jẹ́ ₦332,700. Wọ́n ti fún un ní ₦300,000 kó tó lọ, ó wá ní ó ku ₦32,700 tí iléeṣẹ́ máa san fún òun.

Ẹ rò ó pọ̀ bó ṣe wù yín, ₦332,700 náà ni. Ibi tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá ti ń bọwọ́ lùwé nìyí. Ṣùgbọ́n kí nǹkan márùn-ún ròpọ̀ dáadáa kò sọ fún wa bóyá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ òótọ́. Ìdí nìyẹn tí ọ́dítọ̀ tó gbọ́n kì í fi ìsàlẹ̀ fọ́ọ̀mù bẹ̀rẹ̀. Ríṣíìtì ló máa ń kọ́kọ́ mú. Á ka iye tó wà lára rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́, ẹni tó gba owó àti nọ́ńbà rẹ̀, kó tó wá gbójú sókè wo ohun tí wọ́n kọ sínú fọ́ọ̀mù. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ka fọ́ọ̀mù, ojú rẹ̀ á máa rí ohun tó ti ń retí lára ríṣíìtì.

Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ kò ní wàhálà: àlọ ₦25,000 lọ́jọ́ Ajé, àbọ̀ ₦25,000 lọ́jọ́ Ẹtì. A gbà á. Nígbà tó kan takisí, àròpọ̀ àwọn ríṣíìtì tó so mọ́ fọ́ọ̀mù jẹ́ ₦15,800, fọ́ọ̀mù sì sọ pé ₦18,500. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦2,700. Kẹ́nikẹ́ni tó pariwo olè, ẹ fi 9 pín ìyàtọ̀ náà: 300 ni, kò ṣẹ́ kù. Bí èèyàn bá ṣi nọ́ńbà méjì tó tẹ̀ léra kọ, tó gbé èyí ẹ̀yìn síwájú, ìyàtọ̀ tó máa wà láàárín òótọ́ àti àṣìkọ kì í ṣaláì ṣeé fi 9 pín. Ọwọ́ ló gbé 5 àti 8 fún ara wọn. Òótọ́ ni pé nǹkan tó ṣeé fi 9 pín pọ̀ láyé, nítorí náà àmì lásán ni, kì í ṣe ẹ̀rí. Síbẹ̀, ó ń jẹ́ kéèyàn mọ irú ìbéèrè tó yẹ kó béèrè. ₦15,800 la máa san.

Bó bá jẹ́ pé ríṣíìtì náà fúnra rẹ̀ ni wọ́n tún ṣe ńkọ́? Ìwé àfọwọ́kọ sábà máa ń ní ìlà tí wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ kọ iye owó. Bíìrò lè sọ 3,000 di 8,000 wẹ́rẹ́, àmọ́ kò rọrùn láti sọ “ẹgbẹ̀rún mẹ́ta” di “ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ”. Ẹ ka ìlà yẹn. Kẹ́ ẹ sì wo nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sókè ìwé. Bí ríṣíìtì dẹ́rẹ́bà ọjọ́ Ajé bá jẹ́ 0412, tí ti dẹ́rẹ́bà mìíràn lọ́jọ́ Ẹtì sì jẹ́ 0413, inú ìdì ìwé kan náà ni wọ́n ti já àwọn méjèèjì, ìdì yẹn sì lè wà nínú dúrọ́ọ̀ ẹnì kan.

Òtẹ́ẹ̀lì ni ọ̀rọ̀ wà. Ríṣíìtì rẹ̀ jẹ́ ₦180,600, fọ́ọ̀mù sọ pé ₦180,600. Wọ́n bára mu géérégé, ìyẹn gan-an ló sì ń jẹ́ kí àwọn èèyàn fò ó kọjá. Ẹ jẹ́ ká tú u. Owó orí ọjà tí ìjọba àpapọ̀ ń gbà ní Nàìjíríà jẹ́ 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún láti ọdún 2020, ríṣíìtì yìí sì fi hàn pé ó wà nínú owó náà. Láti mọ iye tó wà nílẹ̀ kí wọ́n tó fi owó orí kún un, a máa fi 1.075 pín ₦180,600, á fún wa ní ₦168,000. Yàrá jẹ́ ₦40,000 lálẹ́ kan, alẹ́ mẹ́rin jẹ́ ₦160,000. Kí ni ₦8,000 tó lé? Ẹ fi owó orí 7.5 kún ₦8,000 yẹn, ó di ₦8,600.

₦8,600 ni oúnjẹ alẹ́ tó wà nínú fọ́ọ̀mù, tí ìwé pélébé ẹ̀rọ pí-ó-ẹ́ẹ̀sì so mọ́. Oúnjẹ kan náà ni. Ó jẹ ẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó fi káàdì sanwó, òtẹ́ẹ̀lì sì tún kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n fún un lọ́jọ́ tó ń lọ. Ìwé méjì, owó kan. Nínú gbogbo ọ̀nà tí owó kan fi ń di méjì, èyí ló wọ́pọ̀ jù lójú tèmi, torí pé kò gba ọgbọ́n kankan: nǹkan kan ṣoṣo tí a rà lè bí ìwé pí-ó-ẹ́ẹ̀sì, ríṣíìtì àti àlááàtì báǹkì, ẹni tí kò bá ṣọ́ra á sì so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ fọ́ọ̀mù bíi pé nǹkan mẹ́ta ni. Ọ̀nà kejì ni takisí tí èèyàn méjì jọ wọ̀, tí àwọn méjèèjì wá béèrè owó rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Inú fọ́ọ̀mù ẹnì kan kọ́ la ti máa rí ìyẹn. Àfi kéèyàn gbé fọ́ọ̀mù gbogbo àwọn tó lọ sí ibì kan náà síwájú.

Bí fọ́ọ̀mù bá pọ̀, kọ̀ǹpútà lè bá wa wá a. Ká sọ pé iye owó wà ní òpó D nínú Excel, a lè kọ èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀:

```
=COUNTIF($D$2:$D$400,D2)
```

Ibi tí ìdáhùn bá ti ju 1 lọ, iye yẹn ti fara hàn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹ má fi ọjọ́ kún un níbẹ̀rẹ̀, torí ọjọ́ tó wà lára ìwé pí-ó-ẹ́ẹ̀sì lè yàtọ̀ sí ọjọ́ tí òtẹ́ẹ̀lì kọ ìwé tirẹ̀, owó méjì náà á sì gba àárín yín kọjá. Lóòótọ́, takisí ₦1,500 àràárọ̀ á máa jáde bíi pé ó ní ẹ̀ṣẹ̀, ojú èèyàn ló máa yọ ìyẹn kúrò. Ibi tí ẹ̀rọ kù sí ni pé kò lè rí ₦8,600 tiwa yìí, nítorí pé inú ₦180,600 ló sá pa mọ́ sí. Ẹni tó bá ń tẹ ìwé òtẹ́ẹ̀lì sínú kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ ní ìlà kọ̀ọ̀kan, kó má kàn tẹ àpapọ̀ rẹ̀.

Ó wá ku àjẹmọ́nú, èyí tí kò ní ríṣíìtì rárá. Márùn-ún lọ́nà ₦15,000 jẹ́ ₦75,000, ìṣirò náà kò lábùkù. Àmọ́ ọjọ́ mélòó ló yẹ kí wọ́n sanwó fún? Ìwé òfin iléeṣẹ́ yìí sọ pé alẹ́ kọ̀ọ̀kan téèyàn sùn níta gba owó kíkún, ọjọ́ àbọ̀ gba ìdajì. Alẹ́ mẹ́rin ló wà nínú ìwé òtẹ́ẹ̀lì: ₦60,000. Ìdajì ọjọ́ Ẹtì jẹ́ ₦7,500. ₦67,500 nìyẹn. (Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ń fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní 75 nínú ọgọ́rùn-ún owó oúnjẹ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ àti ọjọ́ tó kẹ́yìn, owó kíkún láwọn ọjọ́ àárín. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò, ọjọ́ mẹ́rin ààbọ̀ náà ni.)

Kò tíì tán. Àwọn tó ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ló bọ́ wọn lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀, ó wà nínú ìwé ìpè. Òfin iléeṣẹ́ ní kí wọ́n yọ ₦4,000 fún oúnjẹ ọ̀sán kọ̀ọ̀kan tí ẹlòmíràn bá fúnni: ₦12,000 lọ, ó ku ₦55,500. Oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn náà kò yẹ kó padà wá, torí àjẹmọ́nú ti gbé owó rẹ̀ dání. Nítorí náà ₦8,600 méjèèjì ló máa jáde. Àwo oúnjẹ kan ṣoṣo, iléeṣẹ́ ì bá ti san án lẹ́ẹ̀mẹta.

Ohun tí iléeṣẹ́ máa gbà wá jẹ́ ọkọ̀ ₦50,000, yàrá ₦172,000 pẹ̀lú owó orí rẹ̀, takisí ₦15,800 àti àjẹmọ́nú ₦55,500. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦293,300. Òṣìṣẹ́ tó ní wọ́n jẹ òun ní ₦32,700, òun gan-an ló máa dá ₦6,700 padà. A kò rí ohunkóhun tó fi hàn pé ó fẹ́ jalè, lẹ́tà tí ọ́dítọ̀ máa kọ sí i kò sì gbọ́dọ̀ dún bíi pé a rí i. Á to iye mẹ́rin tó yí padà síbẹ̀, á tọ́ka sí ìwé tó gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan jáde, á sì ní kó ṣàlàyé, torí ó lè jẹ́ pé oníbàárà ló bọ́ lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tí kò sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá mú ẹ̀rí ìyẹn wá, ₦8,600 kan á padà fún un. Ìkejì kò ní padà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ fọ́ọ̀mù yìí, ẹ dákun, ẹ máa kọ wákàtí tẹ́ ẹ kúrò nílé àti wákàtí tẹ́ ẹ padà dé sínú rẹ̀, kẹ́ ẹ sì gba ìwé òtẹ́ẹ̀lì tó to ìnáwó ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Méjèèjì yìí ló ń yanjú èyí tó pọ̀ jù nínú lẹ́tà tí ọ́dítọ̀ ń kọ sí yín.