Ìpolówó Tí Kò Kọjá Ibi Tí Oníṣẹ́ Lè Dé: Ore àti Odigbo

Ore ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Odigbo, lórí ọ̀nà márosẹ̀ tó ti Èkó lọ sí Bìní. Níbẹ̀ ni ọ̀nà Oǹdó ti yà, tó gba ìlú Odigbo kọjá. Ibẹ̀ náà ni a ti ń yà sí Òkìtìpupa. Èrò pọ̀ níbẹ̀ tọ̀sán-tòru, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn ò ní sùn síbẹ̀. Ohun tó yẹ kí oníṣẹ́ ọwọ́ tó fẹ́ polówó lórí Google kọ́kọ́ rò nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká mú oníṣẹ́ fíríìjì àti éàsì kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nítòsí ìkóríta Ore. Ọ̀kadà ló ń gùn lọ bá oníbàárà nílé. Nínú Google Ads, á yan Radius, á fi àmì sí ojú ibi tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà gan-an lórí máàpù, á sì sọ iye kìlómítà tí òun lè rìn. Kó má ṣe tẹ orúkọ àdúgbò nìkan kó sì kúrò níbẹ̀, torí orúkọ lè gbé àmì náà lọ síbòmíràn.

Kìlómítà mélòó? Òbìrìkítí tó jẹ́ kìlómítà 10 láti àárín dé etí gba nǹkan bí 314 kìlómítà níbùú lóòró. Bó bá sọ ọ́ di 20, ilẹ̀ náà á fẹjú ní ìlọ́po mẹ́rin, 1,257, bẹ́ẹ̀ owó epo ọ̀kadà rẹ̀ ò pọ̀ sí i. Òbìrìkítí ò sì mọ ọ̀nà: bí ẹyẹ ṣe ń fò ló ń wọn ilẹ̀. Oko kan tó súnmọ́ lójú máàpù lè jẹ́ ìrìn wákàtí kan ní àsìkò òjò. Ṣùgbọ́n kó má fún un jù. Fóònù tí kò fi ibi tó wà han Google, àdírẹ́sì nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni wọ́n fi ń fojú díwọ̀n rẹ̀, ó sì lè jọ pé Èkó ni ẹni tó jókòó sí Ore wà. Òbìrìkítí kékeré á pàdánù irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ibi tí owó ti ń jò jù lọ fara pamọ́ sábẹ́ ibi tó ti yan Radius, níbi tí wọ́n kọ Location options sí. Èyí tí Google ti yàn sílẹ̀ fúnra rẹ̀ ni Presence or interest, ìyẹn ni pé ẹni tó wà ní Ibadan tó ṣáà ń wá ọ̀rọ̀ nípa Ore náà á rí ìpolówó náà. Kí oníṣẹ́ wa yí i sí Presence, kó lè jẹ́ àwọn tó wà níbẹ̀ tàbí tó máa ń wà níbẹ̀ nìkan. Kó tún kọ iron ore sára àwọn ọ̀rọ̀ tí kò fẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kà nípa irin lè jẹ owó rẹ̀.

Nọ́ńbà fóònù ló kù. Ohun tí wọ́n ń pè ní call extension tẹ́lẹ̀ ti di call asset báyìí. Bí oníbàárà bá tẹ nọ́ńbà náà, Google á gba owó bí ẹni pé ó tẹ àkọlé ìpolówó, yálà wọ́n gbé ìpè náà tàbí wọn ò gbé e. Nítorí náà, kó fi àkókò sí i, bíi aago 8 àárọ̀ sí 6 ìrọ̀lẹ́, Monday sí Saturday. Àmọ́ kó kọ́kọ́ wo aago àkáǹtì náà: bó bá jẹ́ aago New York ni, ní oṣù January, 8 àárọ̀ ibẹ̀ ni 2 ọ̀sán wa, 6 ìrọ̀lẹ́ ibẹ̀ sì ni òru gánjọ́ wa. Ẹni tó bá rí i pé ìpè ò wọlé láàárọ̀, tó wá ń dún lóru, ibẹ̀ ni kó yẹ̀ wò.

Bó bá fi ₦3,000 sílẹ̀ lójúmọ́, kó má bẹ̀rù bí ₦6,000 bá lọ lọ́jọ́ kan. Google lè ná ìlọ́po méjì lọ́jọ́ tí wíwá bá pọ̀, ṣùgbọ́n oṣù ò ní kọjá ₦91,200.

Kó ní ìwé kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù, kó máa kọ ibi tí olùpè wà. Èmi gbẹ́kẹ̀ lé ìwé yẹn ju àbọ̀ orí ẹ̀rọ lọ, torí arìnrìn-àjò tí ọkọ̀ rẹ̀ dúró kó jẹun ní Ore, Presence gidi ni lójú Google. Bí ìpè láti ọ̀nà Odigbo bá pọ̀, tí ti apá kejì ò sì sí, kó gbé àárín òbìrìkítí náà súnmọ́ Odigbo. Kò pọn dandan kó jókòó lórí ṣọ́ọ̀bù.

Ti fọkanáísà yàtọ̀ pátápátá. Arìnrìn-àjò yẹn gan-an ni oníbàárà tirẹ̀. Òbìrìkítí kéékèèké mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó tò tẹ̀lé ara wọn lójú ọ̀nà márosẹ̀ ló yẹ ẹ́, bó bá sì ní ọmọ iṣẹ́ tó ń sùn sí ṣọ́ọ̀bù, nọ́ńbà rẹ̀ lè ṣí mọ́jú.