Nọ́ńbà Tó Wà Lábẹ́ Òdo

Àwìn ni kí ìbéèrè kìíní dá lé, torí ọmọ wa mọ̀ ọ́n ju yìnyín lọ. Ìyá ra ìrẹsì ₦500 láwìn, ó san ₦300: −500 + 300 = −200.

Lífíìtì ló kàn. Ìsàlẹ̀ pátá kọ́ ni òdo, ẹnu ọ̀nà ni. Láti −2, gòkè ìpele 5, o dé 3.

Òtútù ló le. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ìwọ̀n ooru jẹ́ 4 lọ́sàn-án, −3 lóru. Báwo ló ṣe lọ sílẹ̀ tó? Ọ̀pọ̀ ọmọ á kọ 1, wọ́n kàn yọ 3 kúrò nínú 4. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ìka kà á gba òdo kọjá: 7 ni.

Èyí tó kẹ́yìn: −200 − (−200). Bí oníṣọ́ọ̀bù bá fa igi lé gbèsè ìyá yẹn, òdo ló kù.